Píílà Mẹ́rin lórí Ìwé Sọ́fè

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìkòròdú mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ á na téèpù sí iwájú, á ka iye mítà sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Á lọ sí ẹ̀yìn, iye kan náà ni. Á na téèpù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, á tún nà án sí ẹ̀gbẹ́ òsì, àwọn náà dọ́gba. Ó parí nìyẹn: ilẹ̀ gún régé, kí olówó máa sanwó. Síbẹ̀, ilẹ̀ tí apá rẹ̀ bá ara wọn mu báyìí lè wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àpótí tí ìṣó rẹ̀ ti yẹ̀, kó sì kéré sí ohun tí olùrà rò pé òun ń sanwó fún.

Téèpù kò purọ́ o. Ohun tó ń sọ ni pé paralẹlógíráàmù ni ilẹ̀ náà, ìyẹn onígun mẹ́rin tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ páráléélì, tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì náà sì jẹ́ páráléélì: bó ti wù kí a fà wọ́n gùn tó, wọn kò ní í pàdé. Rẹkitáńgù, tí igun rẹ̀ dúró ṣánṣán, wà lára irú èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo paralẹlógíráàmù ló jẹ́ rẹkitáńgù. Téèpù tí wọ́n nà yí ilẹ̀ po kò lè sọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà tó wà lórí ìwé sọ́fè lè sọ ọ́, ẹni tó bá mọ ìyọkúrò àti ìpín ti tó o kà.

Lórí ìwé náà, píílà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rì mọ́ igun ilẹ̀ ní nọ́ńbà méjì. Ọ̀kan ń sọ bí píílà náà ti jìnnà tó sí apá ìlà-oòrùn, èkejì ń sọ bó ti jìnnà tó sí apá àríwá, mítà ni wọ́n sì fi ń kà wọ́n. Ní ọ̀nà ìkànìyàn tí wọ́n ń lò fún ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, nọ́ńbà ìlà-oòrùn ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ìlà kan tó gba dígírì 3 kọjá láti gúúsù sí àríwá, kò sì jìnnà sí Àgbádárìgì. Wọ́n fún ìlà yẹn ní 500,000 dípò òdo, kí ẹni tó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ má baà máa ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo. Nọ́ńbà àríwá bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀ láti ìlà tó pín ayé sí méjì. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ilẹ̀ kan ní Ìbàdàn fi máa ń gùn tó bẹ́ẹ̀: bíi 599,000 fún ìlà-oòrùn, bíi 816,000 fún àríwá.

Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ń bá pàdé lórí bébà gíráàfù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ ka nọ́ńbà tó lọ níbùú, kí wọ́n tó ka èyí tó lọ sókè. Dẹkáàtì, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé e jáde nínú ìwé tó kọ lórí jiọ́mẹ́tìrì ní 1637, nígbà tí Fẹ́ẹ̀mà, ọmọ ilẹ̀ Faransé bíi tirẹ̀, náà ń ṣe irú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì rí ni pé ìbéèrè nípa ìlà àti igun ṣeé dáhùn pẹ̀lú ìṣirò nìkan, láìfi rúlà kan bébà.

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ kan fún àpẹẹrẹ. Píílà mẹ́rin ló yí i ká, A, B, C àti D, báyìí sì ni ìwé ṣe kọ wọ́n, ìlà-oòrùn ṣáájú, àríwá tẹ̀ lé e:

A (599204, 816503)
B (599234, 816511)
C (599238, 816527)
D (599208, 816519)

Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní í gbé nọ́ńbà gígùn wọ̀nyí kiri. Á yọ 599200 kúrò lára gbogbo nọ́ńbà ìlà-oòrùn, á yọ 816500 kúrò lára gbogbo ti àríwá. Ohun tó ṣe kò ju pé ó gbé ibi tí ìkànìyàn ti bẹ̀rẹ̀ wá sẹ́bàá ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ kò kúrò níbi tó wà, apá kankan kò gùn sí i, ìlà kankan kò sì yí ojú padà. Ohun tó kù ni A (4, 3), B (34, 11), C (38, 27) àti D (8, 19). Nọ́ńbà kékeré kì í jẹ́ kí ọwọ́ ṣìnà.

Kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a sàmì sí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí bébà gíráàfù, kí a sì fa ìlà láti A sí B, sí C, sí D, padà sí A. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fo èyí, ó sì máa ń ná wọn ní máàkì. Ìdí ni pé bí a ṣe to orúkọ àwọn píílà ló ń sọ apá tó kọjú síra. Bí akọ̀wé kan bá to ilẹ̀ yìí ní A, B, D, C, ìlà tó lọ láti B sí D àti èyí tó padà láti C sí A yóò gba orí ara wọn kọjá ní àárín ilẹ̀. Ojú mẹ́rin kan náà ni, ṣùgbọ́n àwòrán tó jáde kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè mọ ògiri yí ká. Ojú ni a fi ń rí irú àṣìṣe yìí. Ìṣirò lè pẹ́ kó tó tú u fó.

Ìdàgẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni. Ìdàgẹ̀rẹ́ ìlà kan ni iye tí ìlà náà fi gòkè fún mítà kọ̀ọ̀kan tó fi lọ níbùú. Láti A sí B, nọ́ńbà ìbú kúrò ní 4 ó di 34, ìyẹn 30. Nọ́ńbà òkè kúrò ní 3 ó di 11, ìyẹn 8. A pín 8 sí 30, ìdàgẹ̀rẹ́ AB jẹ́ 8/30, tó já sí 4/15. Láti D sí C, ìbú fi 30 lé, òkè fi 8 lé, 4/15 náà ni. Iwájú àti ẹ̀yìn ilẹ̀ jẹ́ páráléélì. Láti B sí C, ìbú fi 4 lé, òkè fi 16 lé, ìdàgẹ̀rẹ́ jẹ́ 4. Láti A sí D, bákan náà, 4. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì jẹ́ páráléélì. Apá tó kọjú síra dọ́gba ní ìdàgẹ̀rẹ́ méjì-méjì, nítorí náà paralẹlógíráàmù ni ABCD. Ó yẹ kí gbólóhùn ìkẹyìn yìí hàn lórí bébà ìdánwò, nítorí pé ẹni tó kọ 4/15 lẹ́ẹ̀mejì àti 4 lẹ́ẹ̀mejì, tó wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n kò tíì fi ohunkóhun hàn.

Ọ̀nà yìí ní ibi tó ti ń fi orí gúngi. Bí apá kan bá dúró ṣánṣán lórí gíráàfù, ìbú kò fi nǹkan kan lé, ó sì di pé kí a pín nọ́ńbà kan sí òdo. Ẹ̀rọ ìṣirò á kọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé ìlà náà kò dára o. Kò kàn ní ìdàgẹ̀rẹ́ tí a lè fi nọ́ńbà sọ. Bí ìlà méjì bá jọ dúró ṣánṣán báyìí, páráléélì ni wọ́n, kí a kọ bẹ́ẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí a sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àṣìṣe tó tún wọ́pọ̀ ni kí a yí ọwọ́ padà láàárín ìṣirò: kí a yọ A kúrò lára B ní òkè, kí a wá yọ B kúrò lára A ní ìbú. Ìdàgẹ̀rẹ́ á di −4/15, ilẹ̀ tó gún á sì dà bí èyí tó wọ́.

Yíyí nọ́ńbà méjèèjì padà ńkọ́? Àwọn ìwé ilẹ̀ mìíràn ń kọ àríwá ṣáájú, nígbà tí bébà gíráàfù ń fi ìbú ṣáájú. Bí ẹnì kan bá ṣi gbogbo píílà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kà lọ́nà kan náà, àwòrán á yí bí ìgbà tí èèyàn wo dígí, 4/15 á di 15/4, ṣùgbọ́n páráléélì á ṣì jẹ́ páráléélì. Bó bá jẹ́ píílà kan ṣoṣo ló ṣì kà, gbogbo rẹ̀ dàrú. Ohun tó jọ èyí náà ni kí a gba nọ́ńbà píílà mẹ́ta láti inú ìwé, kí a wá fi fóònù mú ẹ̀kẹrin lórí ilẹ̀. Ìwé sọ́fè àtijọ́ ní Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ìwọ̀n tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ sọlẹ̀ ní Minna, fóònù sì ń tẹ̀ lé ìwọ̀n tí àwọn sátẹ́láìtì ń lò; ọ̀pọ̀ mítà ló wà láàárín nọ́ńbà tí àwọn méjèèjì á kọ fún píílà kan náà.

Ọ̀nà kejì jọ ti ẹni tó na téèpù, ṣùgbọ́n lórí bébà ni. Gígùn AB ni a fẹ́ mọ̀. Ìbú fi 30 lé, òkè fi 8 lé, ìlà AB fúnra rẹ̀ sì ni apá tó gùn jù nínú onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan dúró ṣánṣán. Òfin Pitagọ́rásì ló kù: 30 lọ́nà 30 jẹ́ 900, 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64, àròpọ̀ wọn jẹ́ 964. Sùkúwéà rúùtù 964 jẹ́ mítà 31.05. DC náà jẹ́ 964 kí a tó wá rúùtù rẹ̀. BC jẹ́ 16 pẹ̀lú 256, ìyẹn 272, AD sì jẹ́ 272. Mítà 16.49 ni rúùtù rẹ̀. Apá tó kọjú síra gùn dọ́gba.

Ìmọ̀ràn kan wà níbí tí àwọn tíṣà tó dáńtọ́ máa ń tẹnu mọ́: kò pọn dandan kí a wá rúùtù. Bí 964 bá dọ́gba pẹ̀lú 964, rúùtù wọn kò lè yàtọ̀. Ẹni tó sáré lọ tẹ rúùtù, tó gé e kúrú síbí, tó gé e kúrú sọ́hùn-ún, lè bá 31.04 àti 31.05 pàdé níkẹyìn, kó wá máa bi ara rẹ̀ bóyá wọ́n dọ́gba.

Ọ̀nà gígùn yìí ní ẹ̀tàn tirẹ̀, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ wò ó. Ẹ mú ojú mẹ́rin mìíràn, P (0, 0), Q (7, 4), R (10, 0) àti S (3, 4), ní títò bẹ́ẹ̀. Láti P sí Q, 49 pẹ̀lú 16 jẹ́ 65. Láti R sí S, 49 pẹ̀lú 16 jẹ́ 65. Láti Q sí R, 9 pẹ̀lú 16 jẹ́ 25, rúùtù rẹ̀ sì jẹ́ 5. Láti S sí P, 25 náà ni. Apá tó kọjú síra dọ́gba méjì-méjì, gẹ́gẹ́ bí ti ilẹ̀ wa. Ṣé paralẹlógíráàmù ni? Ẹ yà á sórí bébà. PQ àti RS gba orí ara wọn kọjá ní àárín, ohun tó jáde jọ ọrùn táì tí wọ́n ń so lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdàgẹ̀rẹ́ PQ jẹ́ 4/7, ti RS jẹ́ −4/7. Kò sí páráléélì kankan níbẹ̀.

Òfin tó sọ pé apá tó kọjú síra dọ́gba ti tó, ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọn kì í sábà sọ sókè: pé apá kankan kò gba orí òmíràn kọjá. Lórí ilẹ̀, ojú lásán ń rí èyí. Lórí nọ́ńbà, àfi kí èèyàn yàwòrán.

Bí a bá to ojú mẹ́rin yẹn lọ́nà mìíràn, P, R, Q, S, ẹ̀tàn mìíràn tún yọjú. Nísinsìnyí, àwòrán náà ṣí dáadáa, tirapísíọ̀mù ni. PR àti SQ jẹ́ páráléélì, ìdàgẹ̀rẹ́ àwọn méjèèjì jẹ́ òdo. RQ àti PS dọ́gba ní gígùn, 5 sí 5. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú á rò pé àpá méjì páráléélì, àpá méjì tó kù dọ́gba, ó ti tó. Kò tó. PR gùn ní 10, SQ gùn ní 4 péré. Bí a bá fẹ́ fi apá méjì nìkan parí iṣẹ́, àwọn apá méjì kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ páráléélì kí wọ́n sì tún dọ́gba ní gígùn. A kò gbọdọ̀ mú páráléélì lára ìkínní, ká lọ mú gígùn lára ìkejì.

Ọ̀nà kẹta ló rọrùn jù lọ, ohun ìyanu sì ni pé òun ni àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń rántí kẹ́yìn. Dípò apá ilẹ̀, a ó wo dayágónà méjèèjì, ìyẹn ìlà tó ti A gba inú ilẹ̀ lọ sí C, àti èyí tó ti B lọ sí D. Nínú paralẹlógíráàmù, àwọn méjèèjì ń pàdé ní àárín ara wọn gan-an. Láti mọ àárín ìlà kan, a ó ro nọ́ńbà ìbú orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, a ó pín in sí méjì, a ó sì ṣe bákan náà fún ti òkè. Àárín AC: 4 pẹ̀lú 38 jẹ́ 42, ìdajì rẹ̀ 21, 3 pẹ̀lú 27 jẹ́ 30, ìdajì rẹ̀ 15. Ó jẹ́ (21, 15). Àárín BD: 34 pẹ̀lú 8 jẹ́ 42, 11 pẹ̀lú 19 jẹ́ 30. Ó jẹ́ (21, 15). Iṣẹ́ ti parí.

Kí ló fà á tí ọ̀nà kékeré yìí fi lágbára tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wò ó dáadáa: nígbà tí a bá ní àárín méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà, ohun tí a ń sọ ni pé A àti C tí a rò pọ̀ dọ́gba pẹ̀lú B àti D tí a rò pọ̀. Bí 4 pẹ̀lú 38 bá dọ́gba pẹ̀lú 34 pẹ̀lú 8, a lè yọ 4 kúrò ní ọ̀tún àti ní òsì, kí a sì yọ 8 náà. Ohun tó kù ni pé 38 dín 8 dọ́gba pẹ̀lú 34 dín 4, ìyẹn pé ìbú tí a rìn láti D sí C kò yàtọ̀ sí èyí tí a rìn láti A sí B. Bákan náà ni ti òkè. DC àti AB kọjú sí ibì kan náà, wọ́n sì gùn bákan náà. Ìdàgẹ̀rẹ́ àti gígùn ti wà nínú ìṣirò àárín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìpín nǹkan kan sí òdo, láìwá rúùtù kankan.

Ọ̀nà yìí kì í sì í gba ẹ̀tàn ìlà tó gba orí ara wọn kọjá. PQRS ìṣáájú tó tan ọ̀nà gígùn jẹ, àárín PR rẹ̀ jẹ́ (5, 0), àárín QS rẹ̀ jẹ́ (5, 4). Kò bá ara mu, ó ti hàn síta. Ihò kan ṣoṣo ló kù tí a gbọ́dọ̀ dí. Ojú mẹ́rin tó tò sórí ìlà kan náà lè ní àárín kan náà: (0, 0), (2, 1), (6, 3) àti (4, 2) ní (3, 1.5) lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ìlà gbọọrọ kan ni gbogbo wọn wà lé, kò sí ilẹ̀ kankan láàárín wọn. Kí a wo ìdàgẹ̀rẹ́ apá méjì tó fara kan ara, kó sì yàtọ̀, ti tó láti lé èyí lọ. Ní ilẹ̀ wa, 4/15 àti 4 yàtọ̀ síra.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Paralẹlógíráàmù ni ilẹ̀ náà, a ti rí i lọ́nà mẹ́ta. Ṣé rẹkitáńgù ni? Bí apá méjì tó fara kan ara bá pàdé ní igun tó dúró ṣánṣán, tí kò sì sí èyí tó dúró ṣánṣán lórí gíráàfù nínú wọn, ìdàgẹ̀rẹ́ wọn tí a bá sọ di púpọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ −1. Tiwa jẹ́ 4/15 lọ́nà 4, ìyẹn 16/15. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Àwọn bíríkìlà ní ọ̀nà tiwọn tó ń bá èyí rìn: wọ́n á na okùn sí dayágónà méjèèjì, wọ́n á sì rí i dájú pé wọ́n dọ́gba kí wọ́n tó da fáúńdéṣọ̀n. Lórí ilẹ̀ yìí, AC jẹ́ rúùtù 1732, bíi mítà 41.62, BD sì jẹ́ rúùtù 740, bíi mítà 27.20. Mítà mẹ́rìnlá àti ààbọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láàárín wọn. Ilẹ̀ náà wọ́ gan-an ni.

Ẹni tó fi téèpù nìkan ra ilẹ̀ náà á sọ 31.05 di púpọ̀ pẹ̀lú 16.49, á sì rí bíi sùkúwéà mítà 512. Ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ fún rẹkitáńgù nìkan. Fún paralẹlógíráàmù, a ó mú ìrìn láti A sí B, ìyẹn 30 níbùú àti 8 sókè, àti ìrìn láti A sí D, ìyẹn 4 níbùú àti 16 sókè. A ó sọ 30 di púpọ̀ pẹ̀lú 16, ó jẹ́ 480. A ó sọ 8 di púpọ̀ pẹ̀lú 4, ó jẹ́ 32. A ó yọ ìkejì kúrò lára ìkínní. Sùkúwéà mítà 448 ni ilẹ̀ náà. Sùkúwéà mítà 64 ti wọlẹ̀ lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni gé apá kankan kúrò. Ìdajì kìlásì ilé ìwé kan lè wà nínú rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo nọ́ńbà tí a lò títí di ìsinsìnyí mọ́ ṣáká, ti bébà ìdánwò ni wọ́n. Nọ́ńbà tí awọnlẹ̀ mú bọ̀ láti inú igbó kì í mọ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní ó tún C wọ̀n, ó sì ka (38.04, 26.97) dípò (38, 27). Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin níbùú, mẹ́ta lókè. Ìdàgẹ̀rẹ́ BC tuntun jẹ́ 15.97 tí a pín sí 4.04, ìyẹn 3.953. Ti AD ṣì jẹ́ 4. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní wọn kò dọ́gba, nítorí náà kì í ṣe paralẹlógíráàmù, ó sì tọ̀nà bí nọ́ńbà náà bá mọ́ ṣáká. Ṣùgbọ́n ìdàgẹ̀rẹ́ ìlà tó ga gan-an máa ń fò fún ìyípadà kékeré nínú ìbú, nítorí pé ìbú tó kéré ni a fi ń pín. Lára AB tó rọra gòkè, àṣìṣe kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn: DC jẹ́ 0.2653, AB jẹ́ 0.2667. Nọ́ńbà méjèèjì yìí kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá sẹ̀ǹtímítà ni ó ṣì tàbí mítà.

Àárín dayágónà ń sọ ọ́. Àárín AC tuntun jẹ́ (21.02, 14.985), ti BD sì jẹ́ (21, 15). Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì níbùú àti sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ lókè, èyí tí awọnlẹ̀ lè fi wé bí irinṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń kà dáadáa tó. Bí irinṣẹ́ náà bá lè ṣì tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kò sí ìdí láti sọ pé ilẹ̀ yẹ̀. Bí àárín méjèèjì bá fi mítà kan yàtọ̀ síra, ẹnì kan ti gbé píílà, tàbí kí ẹnì kan ti ṣi nọ́ńbà kọ.

Píílà tí wọ́n gbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà nílẹ̀ wa. Katakátá á kọjá, á fa ọ̀kan tu. Ọmọ onílẹ̀ á wú òmíràn ní òru. Bí D bá sọnù, tí ìwé náà sì ya, ìṣirò àárín á dá a padà nínú ìlà kan. Níwọ̀n bí A àti C tí a rò pọ̀ ti gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú B àti D, D jẹ́ A pẹ̀lú C, dín B. Ìbú: 4 pẹ̀lú 38, dín 34, ó jẹ́ 8. Òkè: 3 pẹ̀lú 27, dín 11, ó jẹ́ 19. D (8, 19). A ó wá dá 599200 àti 816500 tí a yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ padà, kí awọnlẹ̀ lè bá nọ́ńbà náà lọ sórí ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú mẹ́ta kì í ní ẹ̀kẹrin kan ṣoṣo. Bí ẹni tó ń ṣírò kò bá mọ píílà tí D kọjú sí, ibi mẹ́ta ló wà tí D lè wà kí paralẹlógíráàmù jáde. Bí D bá kọjú sí B, (8, 19) ni. Bó bá kọjú sí A, B pẹ̀lú C dín A fún wa ní (68, 35). Bó bá kọjú sí C, A pẹ̀lú B dín C fún wa ní (0, −13), tó jìnnà sí gúúsù, bóyá lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ìtò orúkọ lórí ìwé, tàbí odi àti ojú ọ̀nà tó wà nílẹ̀, ló ń yàn láàárín àwọn mẹ́ta. Ìṣirò náà sì ń gbà pé paralẹlógíráàmù ni ilẹ̀ jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá odò tàbí ní ìkóríta kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn wọn gbòòrò ju iwájú lọ; fún irú wọn, A pẹ̀lú C dín B á gbé píílà tuntun lọ síbi tí kò sí rí, àfi kí awọnlẹ̀ lọ wá ẹ̀dà ìwé sọ́fè ní ọ́fíìsì sọ́fẹ́yọ̀ àgbà ìpínlẹ̀, kó ka nọ́ńbà D níbẹ̀.